Bí ẹ bá fẹ́ yí lọ́yà padà: ọ̀rọ̀ fáìlì ló le jù

Kò sí òfin tó ní kí ènìyàn máa bá lọ́yà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí yí títí ẹjọ́ fi máa parí. Ẹni tó ni ẹjọ́ ló gba lọ́yà, òun náà ló lè ní kó dúró, lọ́jọ́ tó bá wù ú, kò sì pọn dandan kó ka ẹ̀sùn kankan sí i lẹ́sẹ̀. Lọ́yà gan-an ni òfin iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà láyè pé kó ṣàdédé fi ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀ láìnídìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́ ni fáìlì. Rìsíìtì ilẹ̀ yín wà níbẹ̀, ìwé sọ́fè wà níbẹ̀, ìwé tí wọ́n ti fi sí kọ́ọ̀tù náà wà níbẹ̀. Ẹ dé ọ́fíìsì láti kó wọn, akọ̀wé ní ọ̀gá ní ẹ lọ san owó tó kù ná. Owó wo ló kù? Kò mọ̀. Ìgbà wo ni ọ̀gá máa dé? Kò mọ ìyẹn náà.

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ilẹ̀ ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, nítorí náà ẹjọ́ ilẹ̀ ni mo máa fi ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá aláṣọ kan wà ní ọjà Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó ra pulọ́ọ̀tì méjì lọ́nà Ìlíṣàn ní 2014. Aládùúgbò ilẹ̀ wọ inú ilẹ̀ rẹ̀, ó mọ ògiri sí i. Màmá gba lọ́yà, wọ́n pe ẹjọ́ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Ṣàgámù. Wọ́n jọ ṣàdéhùn ₦600,000 fún iṣẹ́ náà títí dé ìdájọ́, ₦100,000 sì wà lọ́tọ̀ fún owó kọ́ọ̀tù àti ìnáwó. Màmá ti san ₦350,000 nínú owó iṣẹ́, ó ti san ₦100,000 ìnáwó pé. Lọ́yà kọ lẹ́tà kan sí aládùúgbò, ó pe ẹjọ́, ó lọ sí kọ́ọ̀tù lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá pè é, fóònù á kàn máa dún ni.

Màmá fẹ́ gbé ẹjọ́ náà fún ẹlòmíràn. Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe?

Ọjọ́ kọ́ọ̀tù ló ṣáájú lẹ́tà

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kó mọ ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí. Bí lọ́yà kò bá sọ, kí ẹnì kan lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní Ṣàgámù pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́. Nọ́ńbà yẹn máa ń wà lókè ojú ìwé àkọ́kọ́ gbogbo ìwé tí wọ́n fi sí kọ́ọ̀tù, wọ́n á sì bá yín wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Bí ọjọ́ náà bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyè wà. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ó sàn kí ẹ jẹ́ kí lọ́yà àtijọ́ lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ yẹn ná, bí inú bá tilẹ̀ ń bí yín. Adájọ́ lè má gbà kí wọ́n tún sún ẹjọ́ nítorí pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí lọ́yà, ó sì lè ní kí ẹ san owó ìtanràn fún ẹnìkejì tó ti múra wá.

Ìdí mìíràn wà tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀. Bí ẹ bá lé lọ́yà lónìí, kọ́ọ̀tù kò mọ̀. Orúkọ tó wà nínú ìwé wọn ni wọ́n mọ̀, ọ́fíìsì ẹni yẹn ni wọ́n á máa gbé ìwé ìpè lọ, òfin á sì kà á sí pé ẹ̀yin lẹ gbà á. Báyìí ni ẹjọ́ ṣe ń bọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tó rò pé ilé-ẹjọ́ ò tíì pè òun. Lọ́yà tuntun ló gbọ́dọ̀ fi ìwé sí kọ́ọ̀tù pé òun ló ń ṣojú fún yín báyìí. Òfin iṣẹ́ wọn tún ní kó fi tó ẹni àtijọ́ létí, kó sì sa gbogbo ipá rẹ̀ kí wọ́n san owó tó bá tọ́ sí ẹni yẹn. Nítorí náà, bí lọ́yà tuntun bá ní òun fẹ́ bá ẹni àtijọ́ sọ̀rọ̀ ná, ẹ má rò pé wọ́n ti jọ dìtẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Lẹ́tà náà

Ní tiwa níbí, a fẹ́ràn kí àgbà kan báni sọ̀rọ̀ nílé. Kò burú. Ṣùgbọ́n àgbà kò lè jẹ́rìí ọjọ́ tí ẹ ní kí lọ́yà dúró bí ìwé ṣe lè jẹ́rìí. Ẹ kọ lẹ́tà ná, kí àgbà tó lọ. Kì í ṣe lẹ́tà ìbínú, kò sì gbọdọ̀ gùn. Àlàyé gígùn nípa bí ó ṣe já yín kulẹ̀ máa ń di ohun tí òun náà á fẹ́ fèsì sí, fáìlì á sì jókòó sí ibi tó wà. Irú èyí tó:

> Ẹ̀yin Agbẹjọ́rò wa,
>
> Nípa ẹjọ́ ilẹ̀ mi ní ọ̀nà Ìlíṣàn, Ilé-ẹjọ́ Gíga, Ṣàgámù (nọ́ńbà ẹjọ́ nìyí).
>
> Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe. Láti òní lọ, mi ò fẹ́ kí ẹ máa ṣojú fún mi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn lórúkọ mi mọ́.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó gbogbo fáìlì mi jọ, pàápàá ojúlówó ìwé tí mo kó fún yín, lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí, àti gbogbo ìwé kọ́ọ̀tù ti tiwa àti ti ẹnìkejì. Ẹ fún mi ní bíìlì tó sọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ ṣe, pẹ̀lú ìṣirò gbogbo owó tí ẹ ti gbà lọ́wọ́ mi àti rìsíìtì ohun tí ẹ fi ṣe.
>
> Bí ìwé ìpè kọ́ọ̀tù bá ṣì dé ọ́fíìsì yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ náà. Màá wá kó fáìlì lọ́jọ́ báyìí, ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Kí akọ̀wé lọ́yà lu òǹtẹ̀, kó kọ ọjọ́, kó sì fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì tí ẹ máa mú lọ sílé. Bó bá kọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tó máa ní ìwé ẹ̀rí pé ó dé, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sí wọn lórí Wáásáàpù. Ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà yìí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ dópin. Iṣẹ́ tó bá lóun ṣe lẹ́yìn rẹ̀, láìṣe pé ẹ rán an, kò yẹ kó wọ bíìlì.

Bí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé tẹ́lẹ̀ pé kí lọ́yà náà máa ṣe nǹkan ní ipò yín, bóyá kó máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé tàbí kó ta ilẹ̀, lẹ́tà yìí nìkan kò tó. Ìwé àṣẹ yẹn ní láti ní ìwé ìfagilé tirẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn ayálégbé náà.

Ìwé wo ni tiyín nínú fáìlì?

Àwọn kan máa ń rò pé gbogbo bébà tó wà nínú fáìlì ni tàwọn. Àwọn lọ́yà kan náà sì máa ń rò pé gbogbo rẹ̀ ni tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ níhà méjèèjì.

Ohun tí màmá gbé wá láti ilé rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ láìsí àríyànjiyàn: rìsíìtì tí ìdílé onílẹ̀ kọ fún un, ìwé àdéhùn ìtajà, ìwé sọ́fè, fọ́tò ògiri. Ohun tí owó rẹ̀ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn náà jẹ́ tirẹ̀, irú bí àbọ̀ sọ̀féyọ̀ tó lọ wọn ilẹ̀ náà nítorí ẹjọ́, tàbí ìwé tí wọ́n yẹ̀ wò fún un ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta. Lẹ́tà tí lọ́yà aládùúgbò kọ wá, àti ìwé kọ́ọ̀tù tí wọ́n ti parí, tí wọ́n sì ti fi sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e. Àmọ́ ohun tí lọ́yà kọ sínú ìwé kékeré rẹ̀ fún ìrántí ara rẹ̀, ìwé tó ń dán wò tí kò fi síbì kankan, àti lẹ́tà tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sí i, àwọn yẹn lè dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sóhun tí lọ́yà tuntun fẹ́ fi wọ́n ṣe náà.

Ohun kan tún wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ lásán. Bí wọ́n bá ti jẹ́rìí nínú ẹjọ́ náà, tí wọ́n sì ti fi rìsíìtì hàn adájọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, rìsíìtì yẹn kò sí lọ́wọ́ lọ́yà mọ́. Kọ́ọ̀tù ló wà, wọ́n ti fi nọ́ńbà sí i. Ẹ lè gba ẹ̀dà tí kọ́ọ̀tù jẹ́rìí sí, ojúlówó sì máa dúró níbẹ̀ títí ẹ fi tọrọ rẹ̀ lọ́nà tó yẹ nígbà tí ẹjọ́ bá parí. Kí ẹ tó sọ pé lọ́yà gbé ìwé yín, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti fi í sí kọ́ọ̀tù. Ní ti màmá wa yìí, ẹlẹ́rìí kankan kò tíì dúró, nítorí náà ó yẹ kí ojúlówó ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì.

"Mi ò ní fún yín àfi tí ẹ bá sanwó"

Ǹjẹ́ lọ́yà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà mìíràn, ó ní. Télọ̀ tí wọn kò tíì sanwó iṣẹ́ fún lè mú aṣọ náà dání, òfin sì fún lọ́yà ní irú àǹfààní yẹn lórí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó ṣe. Àmọ́ àǹfààní yẹn dá lórí gbèsè tó wà ní tòótọ́. Ìdúró ni, kì í ṣe títà: kò lè ta ìwé yín, kò lè lò ó, kò lè fi fún aládùúgbò tí ẹ jọ ń ṣẹjọ́. Bí kò bá sí gbèsè, kò sí ẹ̀tọ́ ìdúró kankan.

Nítorí náà, gbogbo ìjà fáìlì, ìṣirò owó ló wà nídìí rẹ̀, bíìlì tó ṣàlàyé sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Òfin àwọn agbẹjọ́rò ti 1975, ní abala kẹrìndínlógún, sọ pé lọ́yà kò lè pe oníbàárà lẹ́jọ́ lórí owó iṣẹ́ àfi tó bá ti fún un ní bíìlì tó fọwọ́ sí, tó to iṣẹ́ pàtàkì tó ṣe lẹ́sẹẹsẹ, tí oṣù kan sì ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín oṣù yẹn, oníbàárà lè ní kí kọ́ọ̀tù yẹ bíìlì náà wò bó bá rí i pé ó pọ̀ jù. "Ẹ ṣì jẹ mí ní ₦250,000" tí wọ́n fi Wáásáàpù ránṣẹ́ kì í ṣe bíìlì.

₦250,000 yìí gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún màmá: ₦600,000 yọ ₦350,000. Ìṣirò náà dà bí ohun tó tọ́, ṣùgbọ́n ₦600,000 jẹ́ ti iṣẹ́ títí dé ìdájọ́, ẹlẹ́rìí kankan ò sì tíì dúró. Lọ́yà tí wọ́n dá dúró lágbedeméjì ọ̀nà, iye tó bá iṣẹ́ tó ti ṣe mu ló tọ́ sí i, àyàfi bí àdéhùn tí wọ́n jọ kọ bá sọ nǹkan mìíràn. (Ìdí nìyí tó fi dáa kí àdéhùn owó lọ́yà wà nínú ìwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ará Ìjẹ̀bú tí kì í ta bọ́ǹdù aṣọ kan láìkọ rìsíìtì ló máa ń gba lọ́yà pẹ̀lú ẹnu lásán.) Bó bá jẹ́ lọ́yà fúnra rẹ̀ ló jáwọ́, òfin iṣẹ́ rẹ̀ ní kó dá apá tí kò tíì ṣiṣẹ́ fún padà nínú owó tó gbà.

Nígbà tí lẹ́tà dé, tí lọ́yà wá jókòó ṣe bíìlì tòótọ́, ohun tó jáde nìyí. Lẹ́tà sí aládùúgbò, ₦30,000. Kíkọ àti pípe ẹjọ́, ₦220,000. Lílọ sí kọ́ọ̀tù lẹ́ẹ̀mejì, ₦80,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦330,000, màmá sì ti san ₦350,000. Nínú ₦100,000 ìnáwó, rìsíìtì kọ́ọ̀tù jẹ́ ₦72,000, ọkọ̀ ₦13,000, èyí tó kù jẹ́ ₦15,000. Màmá kò jẹ ẹnikẹ́ni. Òun ni wọ́n jẹ ní ₦35,000, ìdí tí wọ́n fi lè mú fáìlì dání sì ti tán. Bí ìwé kò bá jáde síbẹ̀, kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ gbèsè mọ́, ìwà tó lòdì sí òfin iṣẹ́ lọ́yà ni.

Bí bíìlì bá fi hàn pé gbèsè wà ní tòótọ́ ńkọ́? Ẹ san án, ó rọrùn ju kí ẹ pàdánù ọjọ́ kọ́ọ̀tù lọ. Bí owó ò bá sí lọ́wọ́, lọ́yà tuntun lè kọ̀wé ṣèlérí fún ẹni àtijọ́ pé owó náà máa jáde nígbà tí ẹ bá rí i. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba ọ̀rọ̀ ara wọn. Bí ẹ ò bá gbà pé iye náà tọ́, ẹ san èyí tí ẹ gbà, kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ ṣì ń bá wọn ṣàríyànjiyàn lórí èyí tó kù, kí ẹ sì tọrọ fótókọ́pì gbogbo ìwé kí ẹjọ́ má baà dúró.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ kó o

Ẹ má fọwọ́ sí "mo ti gba gbogbo fáìlì mi" lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jókòó, kí ẹ tú fáìlì sórí tábìlì, kí ẹ̀yin àti akọ̀wé jọ kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, iye ojú ewé rẹ̀, bóyá ojúlówó ni tàbí fótókọ́pì. Ibi ojúlówó yìí ni kí ẹ ti fojú sílẹ̀ dáadáa. Ẹ yí rìsíìtì sẹ́yìn, ẹ fi ìka ra á. Níbi tí bírò ti tẹ bébà, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Fótókọ́pì máa ń dán geere. Ìtẹ̀ka àwọn olórí ìdílé máa ń ní àwọ̀ íńkì gidi, ó sì máa ń wú díẹ̀. Ojúlówó ìwé sọ́fè ní òǹtẹ̀ sọ̀féyọ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, ìlà pupa ni wọ́n sì fi ya ààlà ilẹ̀ náà. Bí ohun tí ẹ rí bá jẹ́ dúdú lórí funfun látòkè délẹ̀, ẹ kọ "fótókọ́pì" síwájú rẹ̀, kí ẹ bèèrè ojúlówó níbẹ̀ kí ẹ tó dìde.

Ìwé tó bá sọnù kò sọnù ní ọ̀nà kan náà. Ìwé kọ́ọ̀tù, ẹ lè gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Ìwé sọ́fè, sọ̀féyọ̀ tó ṣe é lè ní ẹ̀dà. Àmọ́ rìsíìtì ìdílé onílẹ̀, bí àwọn tó tẹ̀ka sí i ní 2014 bá ti kú, ta ni kí ẹ lọ bá? Ìyẹn ni kó jẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa wá nínú fáìlì.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀

Ẹ má lọ jà ní ọ́fíìsì, ẹ má sì fi ọlọ́pàá halẹ̀. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, ẹ ṣì nílò àwọn ìwé yẹn láìya. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní ní Ṣàgámù. Ẹ kọ̀wé sí alága ẹ̀ka tí lọ́yà náà wà, kí ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀, rìsíìtì owó tí ẹ san, àti bíìlì náà sí i. Ìpè kan láti ọ̀dọ̀ alága máa ń ṣí àpótí tó ti tì fún oṣù mẹ́fà. Bí ìyẹn kò bá ràn án, ìgbìmọ̀ tó ń bá agbẹjọ́rò wí wà ní Abùjá. Àwọn ènìyàn mọ̀ pé ìgbìmọ̀ yẹn lè yọ orúkọ lọ́yà kúrò nínú ìwé tàbí kó dá a dúró fún ìgbà kan. Ohun tí wọn kì í mọ̀ ni pé òfin fún un lágbára láti pàṣẹ pé kó dá owó padà, kó sì kó ìwé oníwèé sílẹ̀. Ó máa ń pẹ́ o. Nítorí náà, kí lọ́yà tuntun máa fi ẹ̀dà láti kọ́ọ̀tù ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, kó má jókòó dè é.

Bó bá jẹ́ akáǹtáǹtì lẹ fẹ́ yí padà, ọ̀nà náà ò yàtọ̀ púpọ̀: lẹ́tà, bíìlì, ìwé tí ẹ kó fún un, ìwé tó ṣe fún yín. Akáǹtáǹtì tuntun máa kọ̀wé sí ẹni àtijọ́, pẹ̀lú àṣẹ yín, láti bèèrè bóyá ìdí kan wà tí kò fi yẹ kó gba iṣẹ́ náà. Ẹ fún un láṣẹ yẹn. Ìyàtọ̀ tó le níbẹ̀ ni pé apá tó pọ̀ nínú fáìlì yẹn kò sí nínú bébà. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń san owó orí, àìmọye ọlọ́jà ní Fálawọ̀ àti Òkè-Àjé ló sì jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù akáǹtáǹtì àti ímeèlì rẹ̀ ni wọ́n fi forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìwọlé bá sọnù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èyí tuntun máa lọ. Ẹ ní kó jókòó tì yín, nígbà tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín, kó yí nọ́ńbà àti ímeèlì sí tiyín. Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì owó orí náà, ẹ tún wọlé fúnra yín lórí fóònù yín kí ẹ rí i pé ó ṣí. Ẹ wá fún un ní lẹ́tà.